Ní mélòó ló wà nínú "nílé"? Àlàyé lórí gílọ́ọ̀sì àti bí wọ́n ṣe ń fi kó kọ́pọ́ọ̀sì èdè jọ

Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta yìí ná: "Ó wà nílé." "Ó nílé." "Ó nílé ti wó." Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí èèyàn wà, ti kejì ń sọ pé ó ní ilé tiẹ̀, ti kẹta ń jíṣẹ́ ohun tẹ́nì kan sọ, pé ó ní ilé ti wó. Lẹ́nu, "nílé" kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbà pé èdè yìí jẹ́ èdè tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ gírámà ẹ̀, kò sí díṣọ́nnárì, ẹnì kan wá rìkọ́dù àgbàlagbà kan, ó kọ gbólóhùn mẹ́ta yìí sílẹ̀, ó kọ ìtumọ̀ odindi gbólóhùn sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé e pamọ́. Ẹni tó bá ṣí ìwé yẹn lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún á rí "nílé" lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìtumọ̀ mẹ́ta tí ò jọra, kò sì ní mọ ẹyọ wo ló gbé ìtumọ̀ wo wá, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ẹ̀ rárá.

Ohun tí gílọ́ọ̀sì wà fún nìyẹn. Gílọ́ọ̀sì kì í ṣe ìtumọ̀, ibẹ̀ yẹn ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Ìtumọ̀ máa ń sọ ohun tí gbólóhùn ń wí, gílọ́ọ̀sì máa ń sọ iṣẹ́ tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ẹ̀, ẹyọ sí ẹyọ, ó sì máa ń jókòó sí àárín, lábẹ́ ọ̀rọ̀ èdè yẹn gan-an, lókè ìtumọ̀. Ẹyọ tí mò ń wí ni àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní mọ́fíìmù, ìyẹn ègé tó kéré jù tó ṣì ní ìtumọ̀ tàbí iṣẹ́.

Bó ṣe máa ń rí nínú fáìlì rè é. Torí kí n má baà kó èdè míì wọ inú ẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ Yorùbá míì sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá, bíi kí "ibùgbé" dúró fún ilé:

```
\ref 001.004
\tx  Ó    wà     nílé.
\mb  ó    wà     ní   ilé
\ge  3SG  EXIST  LOC  ibùgbé
\ft  Inú ibùgbé ẹ̀ ló wà.

\ref 001.005
\tx  Ó    nílé.
\mb  ó    ní           ilé
\ge  3SG  jẹ́.olóhun    ibùgbé
\ft  Ibùgbé kan jẹ́ tiẹ̀.

\ref 001.006
\tx  Ó    nílé         ti   wó.
\mb  ó    ní   ilé     ti   wó
\ge  3SG  wí   ibùgbé  PRF  ya.lulẹ̀
\ft  Ó sọ pé ibùgbé náà ti ya lulẹ̀.
```

Láìnì `\tx` ni ohun tẹ́nu sọ, bó ṣe jáde. `\mb` ni ibi tá a ti já a sí wẹ́wẹ́, "nílé" ti padà di "ní" àti "ilé" torí pé ìpajẹ ló jẹ fáwẹ̀lì kan nínú wọn. `\ge` ni gílọ́ọ̀sì: `3SG` ni ẹni kẹta tó jẹ́ ẹyọ kan, `EXIST` ni wíwà, `LOC` ni ti ibi, `PRF` ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀ parí. `\ft` ni ìtumọ̀ gbogbo gbólóhùn. `\ref` ni nọ́ńbà, rìkọ́dù 001, gbólóhùn kẹrin, kí èèyàn lè tọ́ka sí i. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ lè fi láìnì kan kún un tó ń sọ bóyá ọ̀rọ̀-orúkọ ni àbí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìdí tó fi yẹ kí `\tx` àti `\mb` dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni pé ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rí, ìkejì jẹ́ èrò yín. Ẹ lè ṣi èrò pa lónìí kẹ́ ẹ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti kọ "ní ilé" sínú `\tx` nígbà tó jẹ́ "nílé" lẹni yẹn sọ, ẹ ti pa ẹ̀rí run nìyẹn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní mọ̀ pé ìpajẹ wà nínú èdè náà.

Àwọn àmì tẹ́ ẹ rí yẹn ò kàn ṣàdédé wá. Àwọn onímọ̀ èdè ní ìlú Leipzig lórílẹ̀-èdè Jámánì kọ òfin mẹ́wàá kan sílẹ̀, Leipzig Glossing Rules lẹ máa tẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá a, ojú ìwé díẹ̀ ni, àwọn tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ló sì ń tẹ̀ lé e. Mi ò ní ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síbí torí pé mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Èyí tó ṣe kókó jù ni pé iye ẹyọ tó wà lókè gbọ́dọ̀ bá iye ẹyọ tó wà nísàlẹ̀ mu. Tẹ́ ẹ bá fi dáàṣì já ọ̀rọ̀ sí márùn-ún lókè, dáàṣì gbọ́dọ̀ já gílọ́ọ̀sì náà sí márùn-ún. Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó gùn tó fi máa hàn kedere, ẹ wo Kìswàhílì:

```
ni-li-mw-on-a
1SG-PST-3SG-rí-FV
Mo rí i.
```

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni lọ́dọ̀ wọn, gbólóhùn odindi ni lọ́dọ̀ wa. `1SG` ni "èmi", `PST` ni àsìkò tó ti kọjá, `3SG` ni ẹni tí wọ́n rí, `FV` ni fáwẹ̀lì ìparí tí ọ̀rọ̀-ìṣe wọn máa ń gbé. Ẹ kíyè sí i pé lẹ́tà ńlá ni gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ gírámà, lẹ́tà kékeré ni ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ gidi bíi "rí". Ojú nìkan ti fi yà wọ́n sọ́tọ̀ kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí kà.

Àmì ìdánudúró, ẹ padà wo "jẹ́.olóhun" lókè, ń sọ pé ẹyọ kan ni lókè àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì la nílò láti fi sọ ọ́ nísàlẹ̀. Kì í ṣe pé ègé méjì wà nínú "ní". Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń fi dáàṣì síbi tó yẹ kó jẹ́ àmì yìí, kíkà ẹyọ á wá dàrú. Òfin náà yọ ẹni àti iye sílẹ̀, ìyẹn ni a ṣe ń kọ `3SG` láìfi àmì kankan sáàárín. Àmì `=` wà fún ẹyọ tó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú ohùn ṣùgbọ́n tó dá dúró nínú gírámà, mo máa padà sí i. Àmì `~` wà fún àpètúnpè, bíi "lílọ" tá a yọ látinú "lọ", á di `lí~lọ`, gílọ́ọ̀sì ẹ̀ á jẹ́ `NMLZ~lọ`, ìyẹn ni pé àpètúnpè ló sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ. Tẹ́ ẹ bá lo lébẹ́ẹ̀lì tí kò sí nínú lísìtì tí wọ́n fi parí òfin wọn, bíi `EXIST` tí mo lò yẹn, kò sí wàhálà, ẹ ṣáà kọ ọ́ sí lísìtì tiyín pẹ̀lú ìtumọ̀ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dúró díẹ̀ lórí ohun kan tó le, torí ibẹ̀ lèèyàn ti máa mọ̀ pé gílọ́ọ̀sì kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé lásán. Ẹ sọ ọ́ jáde pẹ̀lú ohùn: "Ọmọ lọ." Báyìí la ṣe ń kọ ọ́, ohùn àárín méjì lórí "ọmọ". Ṣùgbọ́n etí ò gbọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tá à ń sọ gan-an ni "ọmọ́ lọ", ohùn gòkè ní ìparí ọmọ. Ẹ wá sọ "Ọmọ kò lọ", ohùn òkè yẹn ti pòórá, "ọmọ" padà sí àárín. Kí ló gbé ohùn yẹn wá, kí ló gbé e lọ? Ohun kan wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, tí kò ní lẹ́tà tiẹ̀ nínú ìwé wa, tó jẹ́ ohùn òkè nìkan, tí kì í sì í yọjú síwájú "kò". Sílébù olóhùn òkè ni wọ́n ń pè é, `HTS` ni wọ́n máa ń fi ṣe lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ èdè náà pẹ̀lú ìwé nìkan ò ní rí i láé. Ẹni tó bá ń gbọ́ rìkọ́dù á rí i lórí gbogbo gbólóhùn kejì:

```
\tx  Ọmọ́       lọ.
\mb  ọmọ=ọ́     lọ
\ge  èwe=HTS   kúrò
\ft  Èwe náà kúrò níbẹ̀.
```

Ìbéèrè tó kàn ni pé kí ni iṣẹ́ ẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti fà á títí, àwọn kan ní ó ń fi olùwà hàn ni, àwọn míì ní àsìkò ló ń sọ, pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà kì í ṣe ti ọjọ́ iwájú. Tó bá rí báyìí lórí èdè tí ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ lórí ẹ̀, ẹ wo bó ṣe máa rí lórí èdè tí ẹ̀yin nìkan ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí lébẹ́ẹ̀lì máa sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀ ò tíì dá yín lójú. `HTS` kàn ń sọ pé "ohùn òkè kan wà níbí" ni. Tí mo bá ti kọ `NFUT`, ìyẹn pé kì í ṣe ti ọjọ́ iwájú, síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó bá lo kọ́pọ́ọ̀sì yẹn, ìyẹn àkójọ gbólóhùn tá a ti ṣe gílọ́ọ̀sì wọn, á rò pé mo ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á sì kọ́lé lórí ẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ orúkọ lásán rọrùn láti pààrọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ máa wá gbogbo `HTS`, ẹ sọ wọ́n di ohun tẹ́ ẹ ti rí ìdí ẹ̀.

Ṣé ẹ rántí gbólóhùn 001.006? "Ilé" ni olùwà "ti wó", sílébù yẹn yẹ kó wà níbẹ̀, mo ò sì kọ ọ́. Ohùn òkè ni "ilé" fi parí tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ohùn tó máa gòkè, fáwẹ̀lì tó fà díẹ̀ lèèyàn lè gbọ́, tẹ́ni náà bá sì ń yára sọ̀rọ̀ kò ní sí nǹkan kan létí. Ẹ ní láti pinnu: ṣé ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ ò gbọ́? Èrò tèmi ni pé kó má wọ `\tx`, àmọ́ kó wà ní `\mb`, kẹ́ ẹ fi àkámọ́ onígun mẹ́rin ká lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ mọ́ nísàlẹ̀ láti fi hàn pé ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀, kì í ṣe ẹnu ló sọ ọ́. Ìpinnu yòówù kẹ́ ẹ ṣe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì nínú fáìlì kan tó wà fún ìpinnu nìkan. Èmi ò ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, nígbà tí mo fi máa dé rìkọ́dù kẹsàn-án, ẹyọ kan náà ti ní lébẹ́ẹ̀lì mẹ́ta lọ́wọ́ mi, oṣù méjì gbáko ni mo fi padà lọ tò wọ́n.

Kíkó kọ́pọ́ọ̀sì jọ wá jẹ́ kéèyàn ṣe nǹkan yìí lórí ọ̀pọ̀ gbólóhùn láìyà kúrò lójú ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ohùn. Ẹ rìkọ́dù sí WAV, 48 kHz, bíìtì 24, ẹ má rìkọ́dù sí MP3 torí ó máa ń ju apá kan nínú ohùn dànù kí fáìlì lè kéré, ohun tó bá jù dànù ò ṣeé rí padà, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ló máa sọ bí kọ́ńsónáǹtì méjì ṣe yàtọ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì, kẹ́ ẹ bi í ní pàtó ta ló lè gbọ́ ọ, ṣé gbogbo ayé ni àbí àwọn ará ilé nìkan, kẹ́ ẹ kọ ìdáhùn ẹ̀ mọ́ rìkọ́dù yẹn fúnra ẹ̀. Ẹ tún kọ déètì, ibi, irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́, àti kóòdù onílẹ́tà mẹ́ta tí ISO 639-3 fún èdè náà, `yor` ni ti Yorùbá.

Irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Tẹ́ ẹ bá ń béèrè pé "báwo lẹ ṣe ń sọ 'mo rí i' lédè yín", ìdáhùn á wá, àmọ́ ẹni náà á máa tò ó bí èdè tẹ́ ẹ fi béèrè ṣe tò ó. Sílébù olóhùn òkè yẹn, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń so ìtàn pọ̀, bí wọ́n ṣe ń pe àkíyèsí sí nǹkan, wọn kì í yọjú dáadáa nínú irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Inú ìtàn àti ìtàkùrọ̀sọ ni wọ́n wà. Ìbéèrè náà wúlò, pàápàá tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ gbogbo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ń gbà yí padà, kí wọ́n ṣáà má pọ̀ mọ́ra wọn nínú fáìlì láìsí àmì.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbé ohùn náà sínú ELAN, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni, ẹ gé e sí gbólóhùn gbólóhùn kí ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá lẹ́ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè tẹ orí gbólóhùn náà kó sì gbọ́ ọ. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń sọ èdè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé ẹ̀, kó máa tún un sọ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa kọ. Àárín yẹn ni nǹkan kan máa ń ṣẹlẹ̀: ó máa fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Á ní "rárá, kò yẹ kó sọ ọ́ báyẹn", á yọ ibi tẹ́ni náà ti kólòlò, á sọ "nílé" di "ní ilé" torí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níléèwé nìyẹn. Ẹ gba àtúnṣe ẹ̀ sínú láìnì ọ̀tọ̀, ẹ má jẹ́ kó wọ `\tx`. Àti pé ẹ mú un lọ́kàn pé ìṣẹ́jú kan ohùn lè gba yín ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ní gbogbo láìnì ẹ̀ pé, nítorí náà ìtàn oníṣẹ́jú márùn-ún tó pé dáa ju wákàtí mẹ́wàá tí ò ní gílọ́ọ̀sì kankan lọ láti fi bẹ̀rẹ̀.

Tí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ti wà nínú ELAN, ìgbà yẹn lẹ máa gbé e lọ sínú FLEx, sọ́fítíwíà míì, fún gílọ́ọ̀sì. Ẹ má gbé e lọ tí ẹ̀ ń gé ohùn lọ́wọ́, torí tẹ́ ẹ bá ṣì ń yí ibi tí gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀ padà nínú ELAN nígbà tí gílọ́ọ̀sì ti wà nínú FLEx, ẹ̀dà méjì tí ò bára mu lẹ máa ní. Ohun tó mú kí FLEx wúlò ni pé díṣọ́nnárì wà nínú ẹ̀ tó so mọ́ gbólóhùn. Ẹ ò ní máa tẹ "LOC" lọ́wọ́, ẹ máa yan "ní" látinú díṣọ́nnárì: ní àkọ́kọ́, ti ibi, ní kejì, ti ìní, ní kẹta, ti ọ̀rọ̀ sísọ. Tẹ́ ẹ bá yí lébẹ́ẹ̀lì padà nínú díṣọ́nnárì, á yí padà níbi gbogbo tẹ́ ẹ ti yàn án. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀, tó bá ti rí "nílé" tẹ́ ẹ ti já lẹ́ẹ̀kan, á máa dábàá ohun tẹ́ ẹ yàn tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ á máa gbà á láìwò ó. Ìyẹn ni "Ó nílé" ṣe máa ń ní `LOC` lábẹ́, tí gbólóhùn ò sì ní ní ọ̀rọ̀-ìṣe kankan. Ẹ wá gbólóhùn tí ò ní ọ̀rọ̀-ìṣe nínú kọ́pọ́ọ̀sì yín, ẹ máa rí irú àṣìṣe yìí níbẹ̀ wọ̀ǹtìwọnti.

Tó bá jẹ́ fáìlì onílẹ́tà lásán bíi tòkè yẹn lẹ̀ ń lò, kọ̀ǹpútà lè bá yín ka ẹyọ. Lédè Python, tẹ́ ẹ bá ti kó ohun tó wà ní láìnì `\mb`, `\ge` àti `\ref` gbólóhùn kan sínú `mb`, `ge` àti `ref`:

```
import re
n = lambda s: len(re.split(r"[\s=~-]+", s.strip()))
if n(mb) != n(ge):
    print(ref)
```

Gbogbo nọ́ńbà tó bá tẹ̀ jáde, ibẹ̀ ni òkè ò ti bá ìsàlẹ̀ mu. Kò lè sọ fún yín pé gílọ́ọ̀sì náà tọ̀nà o, iye nìkan ló mọ̀.

Àṣìṣe míì wà tójú ò lè rí rárá. Lẹ́tà `ẹ` ní ju ọ̀nà kan lọ tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ ọ́: ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, `U+1EB9`, ó lè jẹ́ `e` tí `U+0323` tẹ̀ lé, àwọn kíbọ́ọ̀dù míì sì máa ń lo ìlà kékeré òòró, `U+0329`, dípò àmì ìsàlẹ̀ yẹn. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ. Tẹ́ni méjì bá jọ ń tẹ kọ́pọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ máa wá ọ̀rọ̀ kan, ẹ máa rí ìdajì ẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ìdajì kù. Èyí ló máa ń tún un ṣe:

```
import unicodedata
s = s.replace("\u0329", "\u0323")
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
```

Láìnì `replace` ò ṣeé fò, torí pé `NFC` máa pa ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ pọ̀ sí ọ̀kan, àmọ́ kò ní fọwọ́ kan ìlà òòró. Tẹ́ ẹ bá ń lo ìlà òòró yẹn fún nǹkan míì nínú èdè yín, ẹ má ṣe láìnì `replace` náà o, ẹ kọ́kọ́ pinnu èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

Tó bá wá yá, ẹ mú ogún gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, ẹ kó o fún ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ yìí, ẹ fún un ní lísìtì lébẹ́ẹ̀lì àti fáìlì ìpinnu yín nìkan, kò gbọ́dọ̀ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe ogún yẹn lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá gbé méjèèjì síra wọn. Níbi tẹ́ ẹ ti yàtọ̀, bíi kó kọ `LOC` kẹ́yin kọ "jẹ́.olóhun", ẹ má kọ́kọ́ jiyàn lórí ẹni tó gbà á. Ẹ ṣí fáìlì ìpinnu, ẹ wá láìnì tó yẹ kó sọ bí èèyàn ṣe máa mọ "ní" kan yàtọ̀ sí èkejì, bíi pé tí kò bá sí ọ̀rọ̀-ìṣe míì nínú gbólóhùn náà, kò lè jẹ́ ti ibi. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.